Ipele Tó Ń Kọ́ni Láìsọ̀rọ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Ṣíṣètò Géèmù Pèpéle

Géèmù pèpéle ni mo ń pe irú géèmù tí akọni inú rẹ̀ ń sáré, tó ń fò láti orí pèpéle kan bọ́ sórí òmíràn, tó sì ń yẹra fún kòtò àti ọ̀tá. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn tó ń gbìyànjú láti ṣe irú géèmù bẹ́ẹ̀ sábà máa ń bi mí. Kí ọ̀rọ̀ má baà fọ́n ká, ipele kan ṣoṣo ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ níbi tó pọ̀ jù: ipele àkọ́kọ́ nínú Super Mario Bros., tí a ń pè ní 1-1, tí Shigeru Miyamoto àti Takashi Tezuka ṣètò fún Nintendo, tí géèmù náà sì jáde ní Jàpáàn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1985. Yóò dára kí ẹni tó ń kà á ṣí àwòrán ipele náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kí ló burú nínú kí a kọ ọ́ sójú sìkírìnì pé "Tẹ bọ́tìnnì yìí kí o lè fò"?

Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a rò pé ó ń ṣe kọ́ ni ó ń ṣe. Gbólóhùn lè sọ bọ́tìnnì tó yẹ kí á tẹ̀. Kò lè sọ bí ìfò náà ṣe gùn tó, kò lè sọ ìgbà tó yẹ kí ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì, bẹ́ẹ̀ ni kò lè sọ bí akọni náà ṣe máa ń yọ̀ díẹ̀ kó tó dúró. Ara ló ń mọ àwọn nǹkan wọ̀nyí, kì í ṣe ojú tó ń kàwé. Ọmọ tó jókòó ti àwọn àgbà nídìí ọpọ́n ayò kì í gba ìwé òfin kó tó mọ bí a ṣe ń ta á. Ó ń wo ọwọ́ wọn, ó ń dán an wò, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ títí ojú rẹ̀ fi là.

Ìdí kejì ni pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí géèmù fẹ́ gbá a ni, nítorí náà yóò máa tẹ ohunkóhun tó bá lè mú ọ̀rọ̀ náà kúrò lójú rẹ̀. Nínú àwọn ọmọdé tí mo ti jókòó tì nígbà tí wọ́n ń gbá géèmù lórí fóònù, ọ̀pọ̀ ni kò tíì lè ka Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ àlàyé náà, síbẹ̀ wọ́n ń bá eré wọn lọ. Ohun tó wà nínú ipele ni wọ́n ń kà.

Kí ni olùṣeré ń kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1-1, níbi tí kò ti sí nǹkan kan?

Àìsí nǹkan yẹn gan-an ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ojú sìkírìnì géèmù náà fẹ̀ tó píkísẹ́lì 256, táìlì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn onígun mẹ́rin kéékèèké tí a fi to ipele náà, sì jẹ́ píkísẹ́lì 16, nítorí náà táìlì 16 ni a lè rí lẹ́ẹ̀kan náà láti òsì dé ọ̀tún. Wọ́n gbé Mario sí apá òsì, ó kọjú sí ọ̀tún, àyè gbalasa sì wà níwájú rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ tó ní àmì ìbéèrè lára wà lórí táìlì kẹtàdínlógún, ìyẹn ni pé ẹ̀yìn etí sìkírìnì gẹ́lẹ́ ló sá pamọ́ sí. Ẹni tí kò tíì gbé ẹsẹ̀ kò rí ju òkè kékeré, igbó àti ìkùukùu lọ.

Bó bá tẹ òsì, Mario yóò rìn díẹ̀, yóò sì kọ lu etí sìkírìnì, nítorí pé ìwòran géèmù náà kì í padà sẹ́yìn. Bó bá tẹ ọ̀tún, ayé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí sílẹ̀. Bó bá tẹ bọ́tìnnì ìfò, yóò fò, kò sì sí ohun tó lè pa á. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ìdánwò tó lè ṣe níbẹ̀, kò sì pẹ́ tí yóò fi mọ̀ pé ọ̀tún ni ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká fi Metroid, tí ilé iṣẹ́ kan náà gbé jáde ní 1986, wé e. Níbẹ̀, bí olùṣeré bá kọrí sí ọ̀tún gẹ́gẹ́ bí Mario ti kọ́ ọ, yóò dé ibi tí ọ̀nà ti rẹlẹ̀ ju ìdúró akọni lọ, kò sì ní lè kọjá. Òsì, níbi tí kò rò pé ó ṣeé lọ, ni ohun èlò tó ń jẹ́ kí akọni ká ara rẹ̀ bí bọ́ọ̀lù wà. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ó ti mọ̀ pé géèmù yìí kì í ṣe ọ̀nà kan tààrà, pé ohun tí a rí níhìn-ín lè jẹ́ kọ́kọ́rọ́ ibi tí a ti kọjá. Ibi tí ẹ bá kọ́kọ́ gbé akọni yín sí, àti ohun tí ẹ bá fi dí i lọ́nà, ti sọ irú géèmù tí ẹ ṣe.

Ọ̀tá àkọ́kọ́ ńkọ́? Ṣé kò yẹ kí a kìlọ̀ fún olùṣeré ṣáájú?

Ìrísí ọ̀tá náà ni ìkìlọ̀. Goomba ń bọ̀ láti ọ̀tún pẹ̀lú ojú tó le koko, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, kò sì ní ohun ìjà kankan. Ìṣísẹ̀ rẹ̀ lọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè dúró ronú. Bí olùṣeré bá jẹ́ kí ó kan òun, yóò kú, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ péré ló pàdánù, ìbẹ̀rẹ̀ tó ti mọ̀ ni yóò sì padà sí. Bó bá fò ré e kọjá, ó ti là. Bó bá ṣèèṣì bọ́ lé e lórí, Goomba yóò tẹ́ pẹrẹsẹ, olùṣeré yóò sì ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ni ohun ìjà. Àwọn tó ṣe géèmù náà ti ṣàlàyé pé Goomba wà lára àwọn ọ̀tá tí wọ́n dá kẹ́yìn, nítorí pé Koopa, ìjàpá tí karawun rẹ̀ ń ṣẹ́kù sílẹ̀ lẹ́yìn tí a bá tẹ̀ ẹ́, le jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Nínú 1-1, Koopa kò yọjú títí tí a fi kọjá ìdajì ipele.

Ohun tó wá tẹ̀ lé Goomba ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ipele náà. Ìwọ̀nba búlọ́ọ̀kù márùn-ún ló tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lókè orí, ọ̀kan tó ní àmì ìbéèrè nínú wọn sì ń yọ olú jáde bí a bá fi orí kàn án. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé olùṣeré ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ pé ohun tó ń rìn bọ̀ lórí ilẹ̀ ń pani. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé olú yìí dára, láìsí ẹni tó sọ fún un? Wọ́n jẹ́ kí olú náà kọ́kọ́ rìn lọ sí ọ̀tún, kí ó sá fún un, nǹkan tó ń sá fúnni sì máa ń wù wá lé. Ó bọ́ sílẹ̀ láti etí àwọn búlọ́ọ̀kù, ó kọ lu páìpù àkọ́kọ́, ó sì yí padà sọ́dọ̀ Mario. Ẹni tí ẹ̀rù bá bà yóò fẹ́ fò ré e kọjá, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù wà lókè orí rẹ̀. Bó bá fò, orí rẹ̀ yóò kàn wọ́n, yóò sì já padà sórí olú náà. Mario yóò dàgbà. Ẹni tó lé e àti ẹni tó sá fún un jọ jẹ ẹ́ ni.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ohun kan níbẹ̀ tó fipá mú olùṣeré. Páìpù wà níbẹ̀, òrùlé wà níbẹ̀, olú náà sì ń tẹ̀ lé òfin kan náà tí yóò máa tẹ̀ lé títí géèmù yóò fi parí. Bí wọ́n bá ti fún olú yìí nìkan ní òfin tirẹ̀, ẹ̀kọ́ náà ì bá jẹ́ irọ́ ní ipele kejì.

Báwo ni mo ṣe lè kọ́ olùṣeré pé bí ọwọ́ bá pẹ́ lórí bọ́tìnnì, ìfò yóò ga sí i?

Ẹ wo àwọn páìpù. Páìpù àkọ́kọ́ ga ní táìlì méjì, ìkejì jẹ́ mẹ́ta, ìkẹta jẹ́ mẹ́rin. Bí ènìyàn bá kàn tẹ bọ́tìnnì fẹ́rẹ́ tó sì jọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kò ní gun páìpù kẹta. Yóò gbìyànjú, yóò kọ lu ara páìpù, yóò já sílẹ̀, yóò sì tún gbìyànjú. Ní ọ̀kan nínú ìgbìyànjú wọ̀nyẹn, inú á ti máa bí i, yóò tẹ bọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀ gan-an, Mario yóò sì gùn ún. Ìbínú ni olùkọ́ níbẹ̀.

Láàárín páìpù kìíní àti ìkejì kò sí ọ̀tá kankan. Láàárín ìkejì àti ìkẹta, Goomba kan ń rìn lọ rìn bọ̀, nítorí páìpù méjèèjì ti há a mọ́. Láàárín ìkẹta àti ìkẹrin, wọ́n di méjì. Gíga pọ̀ sí i ná, lẹ́yìn náà ni ewu ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ewu náà sì wá pọ̀ sí i. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù lọ́dọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣètò ipele ni pé wọ́n ń gbé ìfò tuntun àti ọ̀tá tuntun sójú kan náà, débi pé nígbà tí olùṣeré bá kú, kò mọ èwo nínú méjèèjì ló pa á.

Kòtò ń pani lẹ́ẹ̀kan náà. Báwo ni a ṣe lè kọ́ni ní ohun tí àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ ikú?

Ẹ kọ́kọ́ fún un ní àwòrán kòtò náà láìsí ikú nínú rẹ̀. Lọ́nà ìparí 1-1, àtẹ̀gùn búlọ́ọ̀kù kan gòkè dé gíga táìlì mẹ́rin, òmíràn kọjú sí i ó sì ń sọ̀ kalẹ̀, àlàfo táìlì méjì sì wà láàárín wọn. Ilẹ̀ wà nísàlẹ̀ àlàfo yìí. Ẹni tó bá já síbẹ̀ kò ní kú. Yóò wulẹ̀ fò jáde, kí ó sì tún un ṣe bó bá wù ú. Bó bá rìn síwájú díẹ̀, yóò bá àtẹ̀gùn méjì mìíràn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti àkọ́kọ́ délẹ̀délẹ̀, àlàfo táìlì méjì kan náà, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò sí ilẹ̀ nísàlẹ̀. Ìfò tí ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ náà ni wọ́n tún bi í, wọ́n kàn so ẹ̀mí mọ́ ọn ni. Ìyàtọ̀ kékeré kan wà: àtẹ̀gùn tó wà ṣáájú kòtò gidi ní àyè táìlì kan sí i lókè, tó jẹ́ kí ènìyàn rí ibi gbé ẹsẹ̀ kó tó fò.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́, kí ẹnikẹ́ni má rò pé 1-1 kò lábùkù: kòtò méjì mìíràn ti wà ṣáájú àwọn àtẹ̀gùn wọ̀nyí, ọ̀kan fẹ̀ ní táìlì méjì, ìkejì ní mẹ́ta, àwọn méjèèjì sì ń pani láìsí ìdánrawò. Ohun tó dín ewu wọn kù ni pé orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni wọ́n wà, ojú sì ń rí wọn láti òkèèrè.

Báwo ni mo ṣe lè mọ bó ṣe yẹ kí kòtò inú géèmù tèmi fẹ̀ tó?

Ẹ má ya táìlì kan kí ẹ tó wọn ìfò akọni yín. Ká ní akọni ń rìn ní píkísẹ́lì 120 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ìfò rẹ̀ kíkún sì ń gba ìdá méje nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá lófuurufú. Yóò kọjá píkísẹ́lì 84 kó tó balẹ̀, èyí tó lé díẹ̀ ní táìlì márùn-ún. Ìbéèrè tó kàn ni iye àyè tí olùṣeré ní láti ṣi àsìkò ìfò rẹ̀ gbé. Ẹ yọ fífẹ̀ kòtò kúrò nínú 84, kí ẹ sì fi eré akọni pín èyí tó kù. Èyí ni ti kòtò táìlì méjì, mẹ́rin àti márùn-ún:

```
(84 - 32) / 120 = 0.43
(84 - 64) / 120 = 0.17
(84 - 80) / 120 = 0.03
```

Níbi kòtò táìlì méjì, olùṣeré ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá láti fò. Ẹni tí kò gbá géèmù rí lè ṣe é. Táìlì mẹ́rin fún un ní àyè tó ṣe déédéé fún ẹni tó ti gbóná. Táìlì márùn-ún kò ju àwòrán méjì lọ nínú 60 tí sìkírìnì ń yà ní ìṣẹ́jú-àáyá, ìyẹn sì ti di ọ̀rọ̀ oríire. Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ ni pé lójú, kòtò mẹ́rin àti márùn-ún kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ẹni tó ṣe géèmù náà, tó ti fo kòtò yẹn ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kò tilẹ̀ mọ ìyàtọ̀ wọn mọ́.

Ṣé owó wúrà tí a tò sójú ọ̀nà ń ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí atọ́nà?

Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, bí kò bá purọ́ rí. Donkey Kong Country, tó jáde ní 1994, ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí: ibi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá tò sí lófuurufú ni ó yẹ kí ènìyàn fò gbà. Bí ẹ bá to owó bí ìgbà tí ọrun bá tẹ̀, ẹ ti ya ojú ọ̀nà ìfò náà, ibi tí yóò ti gbéra àti ibi tí yóò balẹ̀ sí.

Èmi fúnra mi ba tèmi jẹ́ nígbà kan. Mo ti fi owó tọ́ olùṣeré sọ́nà ní ipele méjì, mo wá rò ó pé kí n fi ṣeré díẹ̀ ní ìkẹta: mo to owó mẹ́ta sínú kòtò kan tí kò nísàlẹ̀. Gbogbo ẹni tí mo fún gbá ló tẹ̀ lé owó náà wọlé, wọ́n sì kú. Ìyẹn kò dùn mí tó èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, wọn kò gba owó gbọ́ mọ́, wọ́n sì ń dúró lẹ́nu gbogbo kòtò tí owó wà lókè rẹ̀, pàápàá àwọn tó jẹ́ ọ̀nà tòótọ́. Mo ní láti yọ ẹ̀tàn yẹn kúrò. Bó bá wù yín láti fi ewu sínú ohun dídán, ẹ fún un ní àwọ̀ tàbí ìrísí mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí akọni bá ní agbára kan tí ènìyàn kò lè ṣèèṣì rí ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é lójú rẹ̀. Nínú Super Metroid ti 1994, akọni lè ti ara ògiri kan fò sí èkejì láti gòkè, ṣùgbọ́n àsìkò títẹ bọ́tìnnì rẹ̀ le, ó sì ṣeé ṣe kí ènìyàn gbá géèmù náà parí láìmọ̀ pé ó wà. Wọ́n ṣe ihò jíjìn kan tí ènìyàn lè bọ́ sí, wọ́n sì fi ẹranko kéékèèké mẹ́ta tí a ń pè ní Etecoon síbẹ̀. Àwọn ẹranko yìí ń ta láti ògiri dé ògiri títí wọ́n fi dókè. Olùṣeré ń wò wọ́n, kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe nínú ihò náà ju pé kí ó fara wé wọn lọ. Ní ibòmíràn, ẹyẹ ńlá kan tí ń jẹ́ Dachora sáré gba ọ̀nà gígùn kan, ó dúró, ó sì ta sókè bí ọfà. Akọni náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tó mú kí èyí ṣiṣẹ́ ni pé àwọn ẹranko náà ń tún un ṣe láìdánu dúró, kò sì sí ọ̀tá tó ń dà wọ́n láàmú. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀ ni pé ihò náà ṣòro láti jáde fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá, mo sì mọ àwọn tó pa géèmù náà tì síbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìfò méjì péré tó láti jáde.

Ṣé ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ má sí rárá?

Ẹ̀kọ́ nípa ipele lè wà láìní ọ̀rọ̀. Orúkọ bọ́tìnnì ló máa ń ṣòro. Super Mario Bros. fúnra rẹ̀ ní ìwé pẹlẹbẹ tó bá a wá nínú páálí, tó sọ ohun tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Bọ́tìnnì ìṣàkóso ìgbà náà kò sì pọ̀, ènìyàn lè tẹ gbogbo wọn wò. Lórí fóònù òde òní, gíláàsì gbalaja ni, kò sí ohun tó yọ jáde tí ọwọ́ lè fọwọ́ bà. Níbẹ̀, èmi máa ń ya àmì bọ́tìnnì sójú sìkírìnì, n ó sì jẹ́ kí ó máa tàn títí olùṣeré yóò fi tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Celeste, tó jáde ní 2018, ṣe nǹkan tó jọ ọ́: ẹyẹ kan fi àmì bọ́tìnnì hàn ní àkókò gan-an tí afárá ń wó lábẹ́ ẹsẹ̀ akọni.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé ipele mi ń kọ́ni lóòótọ́?

Ẹ wá ẹni tí kò rí i rí, ẹ gbé e fún un, kí ẹ sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀ láìsọ ohunkóhun. Èyí ló ṣòro jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, nítorí pé ẹnu á máa yún yín láti sọ pé "fò níbẹ̀ yẹn." Bí ẹ bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ìdánwò náà ti bàjẹ́, ẹlòmíràn lẹ ó tún wá, nítorí pé ẹnì kan kò lè jẹ́ àlejò lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun mẹ́ta ni mo máa ń kọ sílẹ̀: ibi tó dúró sí fún ohun tó ju ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún lọ, iye ìgbà tó kú níbi kọ̀ọ̀kan, àti ohun tó sọ jáde lẹ́nu. Ikú nìkan kò sọ púpọ̀. Ẹni tó kú lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójú kan, tó sì ń sún mọ́ ìkọjá ní gbogbo ìgbà, ń kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó kú lẹ́ẹ̀mejì ní ọ̀nà kan náà gẹ́lẹ́ kò tíì mọ ohun tó pa á, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ tún ṣe. Bó bá sì padà sẹ́yìn láti wá ọ̀nà mìíràn, a jẹ́ pé kò gbà pé ìfò tó wà níwájú rẹ̀ ṣeé fò. Lọ́pọ̀ ìgbà, dídín kòtò náà kù ní táìlì kan, tàbí gbígbé pèpéle tó ń lọ sí wọ inú ohun tí sìkírìnì lè fi hàn, ti tó.